Agbára Tó Wà Nínú Ife

Ó wù mí kí n máa wo ọwọ́ ẹni tó ń ta tíì lálẹ́ ní Bẹẹrẹ. Á gbé ife kan sókè, á rẹ èkejì sílẹ̀, á wá máa da tíì láti inú ọ̀kan sínú èkejì títí yóò fi hó fùú. Mílíìkì á ti sọ ọ́ di pupa rúsúrúsú, ṣúgà á sì ti pa kíkorò rẹ̀. Àmọ́ káfíìnì, èròjà tó ń lé oorun lọ, kò bá wọn dín kù rárá. Àwọ̀ kì í sọ iye rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ahọ́n kò lè wọ̀n ọ́n.

Ìwọ̀n ewé tàbí kọfí tí a fi sí i àti bó ṣe pẹ́ tó nínú omi gbígbóná ló ń pinnu rẹ̀. Bí àpò tíì kan bá wà nínú omi fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún, káfíìnì tí yóò tú jáde á tó mílígíráàmù 40 sí 50. Bí a bá tètè yọ ọ́, kò ní tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ewé tó ń hó nínú kẹ́tù láti ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n tún ń da tuntun lé, agbára ife tó gbẹ̀yìn lè ju ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa.

Ti Neskafé yàtọ̀. Ilé iṣẹ́ ti fa agbára rẹ̀ jáde tẹ́lẹ̀, nítorí náà ohun tó wà nínú ìdì náà ni yóò wà nínú ife: ìdì gíráàmù 2 ní nǹkan bíi mílígíráàmù 60. Omi púpọ̀ kò dín in. Kọfí lílọ̀ tí a sẹ́, ife ńlá kan, sábà máa ń ní bíi 95. Ẹsipirẹ́sò tó korò bí ewúro, tí kò ju ẹnu méjì lọ, kì í sábà ju 65 lọ.

Lẹ́yìn náà ni obì Ọjà'ba, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà mọ́ ọn. Káfíìnì wà nínú gbàǹja àti àbàtà. Bí obì bá gbẹ, gíráàmù 100 rẹ̀ sábà máa ń ní tó gíráàmù kan sí méjì, nítorí náà awẹ́ díẹ̀ lè tó ife kọfí kan.

Ní 2015, àjọ tó ń rí sí ààbò oúnjẹ nílẹ̀ Yúróòpù sọ pé mílígíráàmù 400 káfíìnì lóòjọ́ kò léwu fún àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le, kó má sì ju 200 lọ lẹ́ẹ̀kan. Aboyún kò gbọdọ̀ ju 200 lọ láàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹ wo oníṣòwò tó da ìdì Neskafé méjì sínú ife kan láàárọ̀: 120. Tíì ọ̀sán, 45. Tíì kẹ́tù lálẹ́, ká fi í sí 60. Àpapọ̀ rẹ̀ di 225, a kò tíì ka obì. Ó ṣì láyè, ṣùgbọ́n bó bá lóyún, ó ti kọjá ààlà. Ẹni tí àyà rẹ̀ ń lù kìkì, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, kó dín in kù, bí kò tilẹ̀ tíì tó 400. Ara kò dọ́gba.

Nǹkan bíi wákàtí márùn-ún ni ara àgbàlagbà sábà máa fi ń mú ìdajì káfíìnì kúrò. Ìdì méjì tí a mu ní aago mẹ́jọ alẹ́, tó bá di aago kan òru, bí ẹni ṣẹ̀ṣẹ̀ mu ìdì kan ló ṣì rí nínú ẹ̀jẹ̀.