Ìmọ̀ràn Bàbá àti Ìmọ̀ràn Ọ̀rẹ́: Àyẹ̀wò Ìtàn Kúkurú kan tí Ibùdó rẹ̀ jẹ́ Òkè-Odò

Ìtàn kúkurú tí bébà yìí gbé yẹ̀ wò jẹ́ àfọwọ́kọ tí a kò tíì tẹ̀ jáde, òǹkọ̀wé rẹ̀ kò sì fi orúkọ sí i. Òkè-Odò ní Alímọ̀ṣọ́ ni ibùdó ìtàn náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan parí ilé-ìwé, kò ríṣẹ́. Bàbá rẹ̀, tí ó ń mọ búlọ́ọ̀kù tà lọ́nà Ìgàndò, ní kí ó wá ṣí ojú iṣẹ́ kejì lábẹ́ òun. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kí ó gba ọ̀kadà lọ́wọ́ olówó kan, kí ó máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di tirẹ̀. Ó yan ọ̀kadà. Àwọn agbófinró gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó padà sọ́dọ̀ bàbá. Ẹni tí ó bá kà á wàràwàrà yóò sọ pé ìtàn ọmọ tí kò gbọ́ràn ni. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kò ní tọ́ sí àyẹ̀wò.

Ibi tí òǹkọ̀wé ti mọ ohun tí ó ń sọ jù lọ ni ojú iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù. Bàbá kò jẹ́ kí búlọ́ọ̀kù oníǹṣì mẹ́sàn-án tí a ń mọ láti inú àpò sìmẹ́ǹtì kan ju 30 lọ. Aládùúgbò rẹ̀ ń mọ 45, ó sì ń tà á lówó pọ́ọ́kú. Lẹ́yìn tí wọ́n bá mọ ọ́n tán, bàbá yóò máa bu omi wọ́n ọn láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ méje kí ó tó tà á, nítorí sìmẹ́ǹtì tí omi tètè gbẹ lára rẹ̀ kì í lè dì dáadáa. Ọmọ náà fi ìka ra etí búlọ́ọ̀kù aládùúgbò, ó sì rí i pé yanrìn ń já bọ́. Òǹkọ̀wé kò fi òwe kankan ti ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn. Ìka ọmọ náà ni ó jẹ́rìí, ìfìwàwẹ̀dá bàbá sì ti parí síbẹ̀.

Ọ̀rẹ́ ni òǹkọ̀wé kò ṣe dáadáa sí. Ìṣirò tí ó fi sí i lẹ́nu kì í ṣe ìṣirò ọ̀bàyéjẹ́: ₦3,000 lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, fún ogójì ọ̀sẹ̀, gbogbo rẹ̀ ₦720,000. Nígbà tí wọ́n gba ọ̀kadà náà, ọmọ ti san owó ọ̀sẹ̀ 31, èyí tí í ṣe ₦558,000. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án péré ni ó kù. Òfin ni ó ba iṣẹ́ náà jẹ́, kì í ṣe ọ̀rẹ́. Síbẹ̀ òǹkọ̀wé mú kí bàbá sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọ̀rẹ́ ni olè.

Àhunpọ̀ ìtàn sì mẹ́hẹ níbi òfin náà gan-an. Ẹgbẹ́dá ni wọ́n ti gba ọ̀kadà, nítorí òfin tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1, oṣù Okúdù, ọdún 2022. Ṣùgbọ́n ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà ni òfin yẹn kàn: Ìkẹjà, Sùúrùlérè, Ẹ̀tì-Ọ̀sà, Àpápá, Erékùṣù Èkó àti Mainland. Kò kan Alímọ̀ṣọ́. Bí ó bá jẹ́ òpópónà ńlá ni wọ́n ti mú un, a lè gbà á, nítorí òfin ìrìnnà ọdún 2012 ti ka ọ̀kadà léèwọ̀ lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ irú wọn. Bí ó bá sì jẹ́ pé ọmọ náà gbé èrò kọjá sí Ìkẹjà nítorí owó tí ó pọ̀ díẹ̀, ìtàn ìbá lágbára sí i: òun fúnra rẹ̀ ni ìbá mọ ààlà tí ó sì ré e kọjá. Bí ó ti wà yìí, àjálù láti òkè ni, ìyàn tí ó ṣe kò sì ní ọwọ́ nínú rẹ̀.

Ohun tí ó wà nídìí ìyàn náà wà nínú èdè, bóyá òǹkọ̀wé mọ̀ tàbí kò mọ̀. Ọmọ àti ọ̀rẹ́ ń pe ara wọn ní “ìwọ”; wọ́n ń jiyàn, wọ́n ń dúnàádúrà. Pẹ̀lú bàbá, “ẹ” ni, ìdáhùn rẹ̀ kò sì ju “ó dáa, bàbá mi” lọ. Kò sí ibi kankan tí a ti sọ iye tí bàbá yóò máa san fún un. Àkàrà-oògùn nínú Ògbójú Ọdẹ (1938) jẹ́ ọdẹ, ọmọ ọdẹ, a kò sì retí pé kí ó béèrè owó iṣẹ́ lọ́wọ́ baba rẹ̀. Ní Òkè-Odò tí a ti ń fi owó gba yàrá, ìbéèrè náà kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀kadà náà ìbá di ti ọmọ lẹ́yìn ogójì ọ̀sẹ̀. Ojú iṣẹ́ kejì kò lọ́jọ́ tí yóò di tirẹ̀.

Ní ìparí ìtàn, ilẹ̀ ń mọ́, ọmọ náà ń bu omi sí búlọ́ọ̀kù. Bàbá dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń kà wọ́n. Òǹkọ̀wé pe ìyẹn ní àlàáfíà, ṣùgbọ́n bàbá nìkan ni a gbọ́ tí ó ń kà.